Ìlà Dúdú Orí Àtàǹpàkò Màmá

Ìbọ̀wọ́ ọ̀tún Màmá kì í ní àtàǹpàkò. Bó bá ti ra páálí ìbọ̀wọ́ tuntun, kó tó kó o síbi tó máa ń kó o sí, á jókòó, á mú sísọ́ọ̀sì, á sì gé orí àtàǹpàkò kúrò lára gbogbo èyí tó máa wọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń gé ìrù ilá. Ó ní àtàǹpàkò òun lòun fi ń ríran. Bó bá fẹ́ la irun oníbàárà sí méjì kó tó fi dáì sí i, èékánná àtàǹpàkò yẹn ló máa fi fa ìlà láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ìlà náà á sì tọ́ ju èyí tí èmi olùkọ́ ìṣirò ń fi rúlà fà sára pátákó lọ. Bí rọ́bà bá bò ó, ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n di òun lójú.

Ìdí nìyí tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi máa ń dúdú. Àwọn ìka mẹ́sàn-án yòókù á mọ́, ẹyọ kan á dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ àtàǹpàkò náà bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò ó wò rí, gẹ́gẹ́ bí èèyàn kì í ti í ro ìdí tí ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ fi ń dún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Màmá ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń kun èékánná ní igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko ló lò níbẹ̀. Kò kun irun ẹnikẹ́ni, kò fọwọ́ kan dáì. Ọmọ ló ń wẹ̀, aṣọ ọmọ ló ń fọ̀.

Ọjọ́ tó dé, mo lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó na báàgì rẹ̀ sí mi, mo gbà á, mo sì rí àtàǹpàkò náà. Iwájú èékánná ṣì ní àbàwọ́n dáì díẹ̀, ó ti ń ṣá bọ̀ wá di àwọ̀ tíì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n ní àárín, láti ìdí dé ṣóńṣó, ìlà dúdú kan wà níbẹ̀, ó gùn gbọọrọ, ó fẹ̀ tó igi ìṣáná, bí ẹni pé wọ́n fi bírò fà á.

Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní dáì ni. Ó ní ó ti wọ̀ ọ́ lára.

Nínú ọkọ̀, orí mi kò dúró. Àìsàn kan wà tó ń ṣe mí: bí nǹkan kan kò bá bára mu, mi ò lè fi í sílẹ̀. Bí mo bá rí ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kọ ìdáhùn àdììtú ibẹ̀ tì sí àárín, mo lè gbàgbé oúnjẹ. Ìlà yìí kò bára mu.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń kun èékánná. Fáìlì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí fáìlì pẹlẹbẹ tó fi ń rẹ́ èékánná kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń fi í júwe ọ̀nà fún èèyàn. Mo bi í pé báwo ni èékánná ṣe ń yára tó. Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tó ń béèrè bóyá omi tutù. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta làwọn oníbàárà òun ń padà wá, torí pé ibi tí kútẹ́ẹ̀sì kò dé á ti yọ jáde nídìí èékánná, á sì hàn. Ó fi ṣóńṣó fáìlì wọn ìwọ̀n rẹ̀ hàn mí lára ìka tirẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo sì ṣe ìṣirò. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìdajì èékánná Màmá ló jẹ́ tuntun. Ìdajì yẹn kò tíì sí láyé lọ́jọ́ tó fọwọ́ kan dáì kẹ́yìn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá bí ẹni tó mú olè. Mo ní báwo ni dáì ṣe máa kun èékánná tí kò tíì yọ.

Màmá ń ka ìrólà tí wọ́n fi ń ká irun. Ó ní, "Bí o ṣe dojú kọ mí yìí, ṣé èmi ni mò ń ṣe èékánná ni?"

Fáìlì ti rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ pé ohun tó rọrùn ni kí òun rẹ́ ẹ wò. Ó ní bó bá jẹ́ pé òkè ni àwọ̀ náà wà, fáìlì á kó o. Ó gbé ọwọ́ Màmá lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ojú èékánná náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Àwọ̀ tíì tó wà níwájú lọ. Ó di eruku, ó balẹ̀. Ìlà dúdú kò mira. Kò tiẹ̀ ṣá.

Fáìlì ní, "Kò sí lókè o. Inú ló wà, tàbí ìsàlẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Màmá rántí ilẹ̀kùn. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ kejì tí òun débẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ó dun òun wọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún nígbà náà, kò sí àyè fún àgbàlagbà láti sunkún tirẹ̀. Àtàǹpàkò ni? Àtàǹpàkò ni. Ti ọ̀tún? Ó ronú díẹ̀, ó ní ti ọ̀tún ni.

Ara tu gbogbo wa. Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Bàbá, tó fi ẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó sì sọ àga iwájú ṣọ́ọ̀bù di ọ́fíìsì tuntun, ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àna òun kò mọ ilẹ̀kùn tì, ọkọ̀ lásán ló mọ̀ ọ́n wà.

Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ni. Mo fara mọ́ ọn títí mo fi délé, ìgbà tí mo délé ni mi ò fara mọ́ ọn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ èékánná dà bí èrò inú ọkọ̀: ibi tí ọkọ̀ bá ń lọ ló ń bá a lọ. Bí èékánná ṣe ń gùn, á máa gbé e lọ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì funfun. Kì í jókòó nídìí kó tún nà dé ṣóńṣó. Àmọ́ ṣé mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà? Bóyá ilẹ̀kùn náà gbá a láti òkè délẹ̀. Bóyá ó ṣì ń sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ bí èèyàn ṣe lè mọ̀.

Mo ní kí Fáìlì fi ṣóńṣó irin rẹ̀ ha àmì kékeré kan sójú èékánná náà, níbùú, ní ìdí pátápátá níbi tí èékánná ti ń yọ lábẹ́ awọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àmì yẹn á máa rìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ á bá a rìn, a ó sì rí èékánná tó mọ́ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, àmì á lọ, ìlà á dúró. Mo ní ká dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí gan-an. Ó ṣì ń tì mí lójú títí di òní. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà awọ ara kò ju ọkọ̀ méjì lọ sí ilé wa. Mo ní ìyá, mo ní owó ọkọ̀, mo sì ní ká máa wo èékánná bó ṣe ń hù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, Bàbá ló tún da gbogbo rẹ̀ rú. Ó pè mí lọ́jọ́ kan lórí àga rẹ̀, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìlà wà lórí èékánná rẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ òsì, méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo wọn láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó ní ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń rí wọn. Ó ní bàbá òun náà ní in.

"Ṣé a máa ha àmì sí temi náà ni," ó ní, "àbí ká kó gbogbo ìdílé lọ síbi tí wọ́n ti ń ha wọ́n?"

Mo wo ọwọ́ ara mi. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí ìka ìtọ́ka mi, ó rọra pọ́n bí okùn inú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé ọwọ́ yìí kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ àwọn èèyàn: ọ̀gá ilé ìwé wa ní méjì, ìyáàfin tó ń ta bíríkì ní mẹ́rin. Ìlà kún ìgboro. Bí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó, ìka ara mi ni mò ń wò. Bí ìlà Màmá bá jẹ́ àìsàn, gbogbo wa la ń ṣàìsàn. Bí tiwa kò bá jẹ́ nǹkan kan, kí ló mú tirẹ̀ jẹ́? Mo wá ń bá ara mi jiyàn, mo sì ń pàdánù níhà méjèèjì.

Màmá ní tirẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, mo dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rúlà, mo sì bá kútẹ́ẹ̀sì pupa lórí àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo. Obìnrin yìí kò fi kútẹ́ẹ̀sì sí ìka rí láyé rẹ̀. Ó ní ṣé kò wá tọ́ sí òun láti ṣoge ni. Mo wo Fáìlì, Fáìlì wo ilẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́ pé Màmá ló ní kí òun fi í síbẹ̀, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́jọ.

Ó bu oògùn tó fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ sórí òwú, ó nù ún.

Àmì tí a ha ti rìn, ó ti jìnnà sí ìdí dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, èékánná tuntun ti yọ, ìlà dúdú sì wà nínú èékánná tuntun náà, kò já, kò fi àyè sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn pé mo rí ìdáhùn, àmọ́ mi ò rí ìdáhùn kankan, ohun tí kì í ṣe ni mo rí.

Mo gbé rúlà lé e. Ní ṣóńṣó, ìlà náà fẹ̀ tó mìlímítà méjì. Ní ìdí, ó lé ní mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé rúlà ló yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yé mi. Ṣóńṣó èékánná ni àgbà rẹ̀. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ní bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ìdí ni ti àná. Èékánná dà bí ìwé tí èèyàn ń kọ ohun ojoojúmọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ kà á á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Ohun tí ìwé náà wí ni pé ohunkóhun tó ń fa ìlà yìí ti tóbi ju bó ṣe wà ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn lọ.

Fáìlì ló rí èyí tó burú jù. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tẹ awọ tó wà nídìí èékánná, èyí tó máa ń tì sẹ́yìn fún àwọn oníbàárà kó tó kùn wọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Kò dúró lórí èékánná mọ́. Ó ti wà lára awọ."

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní ìdọ̀tí ni. Ó ní òun ti ń fi òkúta tí wọ́n fi ń ha ẹsẹ̀ ha á láràárọ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin, torí pé ibi tó ń wí yẹn ti bó nítorí híha, ó sì ṣì dúdú.

Bàbá dìde lórí àga. Ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá lórí tábìlì Fáìlì, ó wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀. Tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tíì, tẹ́ẹ́rẹ́, ó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, awọ ìdí rẹ̀ mọ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ń lọ wọ bàtà òun.

Dókítà awọ ara náà kò tíì tó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí. Ó kí Màmá dáadáa, ó ní kó bọ́ bàtà, ó sì wo gbogbo ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kó tó padà sórí ẹyọ kan tí a tìtorí rẹ̀ wá. Ó gbé awò kékeré kan tó ní iná lé e, ó tẹ ojú mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bi Màmá bóyá ó ń lo oògùn kankan, bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ ti ní àìsàn awọ tó le. Ó tún fọwọ́ wá abíyá rẹ̀ bóyá kókó kan wà níbẹ̀. Ó bi í bóyá ìka náà ń dùn ún.

Màmá ní kò dùn òun rárá, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó yọ ìwé ẹ̀rí.

Dókítà ní, "Màmá, àìdùn rẹ̀ kò sọ pé kò burú."

Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀: dáì, ilẹ̀kùn, àmì, rúlà, ìka Bàbá, ìka mi, ìyáàfin oníbíríkì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní ìlà Bàbá àti tèmi kò ṣe nǹkan, pé nínú àwa tí awọ wa dúdú, ìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ń lọ. Ibi kan wà lábẹ́ awọ nídìí èékánná tó ń ṣe èékánná jáde; ohun tó ń fún awọ wa ní àwọ̀ wà níbẹ̀ náà, bó bá jí ní ojúkan, ìlà á yọ. Oògùn lè jí i, oyún lè jí i, kí nǹkan máa gbo ìka léraléra lè jí i. Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí ti Màmá tẹ́ òun lọ́rùn ni pé ìka kan ṣoṣo ni, àtàǹpàkò sì ni, ó yọ nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń fẹ̀ sí i, dúdú rẹ̀ kò rí bákan náà láti etí dé etí, ó sì ti tàn sára awọ.

Mo ní, "Kí wá ni?"

Ó ní òun kò mọ̀.

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, awò náà kò lè sọ ọ́ tán. Wọ́n máa fún ìka náà lábẹ́rẹ́ kó kú, wọ́n á ṣí èékánná, wọ́n á gé bíńtín níbi tí ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi awò ńlá wò ó. Ó lè jẹ́ ohun tí kò ní wàhálà. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀.

Màmá ti ń wọ bàtà rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ń fi ìka yìí ṣe?" Ó ṣàlàyé fún un, ó fi èékánná náà fa ìlà láàárín orí Bàbá láti fi hàn án, Bàbá sì tẹrí ba fún un. Dókítà ní òun gbọ́. Ó ní wọn kò ní gé ìka dànù nítorí àyẹ̀wò, àmọ́ èékánná lè là níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí òun ń bẹ̀rù ni, tí a sì jókòó tì í, a ò ní máa sọ̀rọ̀ èékánná mọ́, a ò tiẹ̀ ní máa sọ̀rọ̀ ìka.

Màmá ní òun á lọ rò ó.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rò ó. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí mo bá la ẹnu, á ní kí n bá òun gbé ìkòkò omi gbígbóná. Ó bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ohun tí oníkálukú sọ kò jọra. Ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni. Ẹnì kan ní oúnjẹ tí kò tó ni. Ẹnì kan ní àbúrò òun ní irú rẹ̀, wọ́n gé e, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì ń bínú títí di òní. Màmá fẹ́ràn ìtàn yẹn jù, ó ní kí obìnrin náà tún un sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, kò sí oníbàárà. Mo ti ilé ìwé dé, mo jókòó sórí àga tó wà lábẹ́ díráyà. Màmá wá dúró sí iwájú mi, ó na àtàǹpàkò náà sí mi lójú.

"Ìwọ tí o mọ ìṣirò," ó ní, "ìwọ tí o máa ń fi òru àti ọ̀sán tú nǹkan. Sọ fún mi. Kí ni?"

Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa irú ìlà bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn wá sí mi lẹ́nu. Mo wò ó lójú. Mo rí i pé bí mo bá ní kò sí nǹkan níbẹ̀, á gbà mí gbọ́, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé. Bí mo bá ní jẹjẹrẹ ni, á ní èmi kì í ṣe dókítà.

Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀."

Kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu mi. Ó wo Fáìlì, ó wo ìta níbi tí Bàbá wà.

"Bí ìwọ kò bá mọ̀," ó ní, "a jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yìí nìyẹn." Ó tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn ní ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo ní ó di ọ̀la. Ó ní ká tètè jí.

Wọ́n gé bíńtín náà lọ́jọ́ kẹta. Màmá ní abẹ́rẹ́ nìkan ló dun òun, ìyókù dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ẹlòmíràn. Èsì gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì lè sọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló fi kún un pé ìpele òkè awọ ló ṣì wà, kò tíì jìn wọlé, ìyẹn ni pé a ò tíì pẹ́ jù. Wọ́n máa yọ èékánná náà àti gbogbo ibi tó ń ṣe é jáde, títí kan awọ tó yí i ká, wọ́n á sì fi awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ bò ó. Àtàǹpàkò á wà. Èékánná kò ní hù níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ibi tí Bàbá ti bi í pé ṣé dáì ló fà á ni mo ti tẹ́tí jù. Ó ní òun kò rò bẹ́ẹ̀, òun kò sì rò pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í mọ ohun tó fà á. Ohun tí dáì ṣe ni pé ó bò ó mọ́ wa lójú.

Mo bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní èékánná sọ oṣù márùn-ún, àmọ́ kí ló wà ṣáájú ìyẹn? Ó ní ẹni tó lè sọ ìyẹn ni ẹni tó bá ní àwọn èékánná tí Màmá ti gé dànù láti ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Màmá yí ojú sí mi. Ó ní, "Ó kù kí o ní kí n lọ ṣà wọ́n wá."

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa, dókítà náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọwọ́ òsì ló fi nu ojú.

Wọ́n tú báńdéèjì fún ìgbà ìkẹyìn ní oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Orí àtàǹpàkò náà rí roboto, ó ń dán, awọ orí rẹ̀ kò jọ ti ìyókù. Màmá yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní kò jọ tòun. Ó fi tẹ tábìlì dókítà wò, ó ní òun ń gbọ́ tábìlì náà láti òkèèrè.

Fọ́nrán irun kan wà lórí tábìlì náà, bóyá ti dókítà, bóyá tèmi. Màmá gbìyànjú láti mú un. Ìka rẹ̀ yọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ bá a mú un, Bàbá sì di apá mi mú. Màmá fi ọwọ́ òsì mú fọ́nrán irun náà, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó sì bi dókítà pé oṣù mélòó ni òun máa padà wá kí wọ́n lè tún wo àwọn mẹ́sàn-án tó kù.